Owó ilé-ìwé kì í ṣe owó àríyá: lẹ́tà ṣíṣí sí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa ní Ìdúmọ̀tà

Sí Alága, Akọ̀wé, Màmá Akápò àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń bójú tó ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó,

Ẹ kú ọjà o, ajé á wọgbá. Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ yìí dìde nípàdé oṣù tó kọjá, ilẹ̀ ti ń ṣú, oníkálukú ti ń wo aago kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ má baà ká a mọ́ orí afárá. Alága ní tí mo bá ní àlàyé, kí n lọ kọ ọ́ wá. Mo ti kọ ọ́, mo sì kọ ọ́ síta kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lè bá wa dá sí i.

Orí fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó wa ni ọ̀rọ̀ wà. Níbi tí wọ́n ti béèrè ohun tí a fẹ́ fi owó ṣe, ọ̀nà mẹ́rin ló wà: ọjà, ilé àti ilẹ̀, ohun èlò iṣẹ́, ìnáwó. Èlé kan náà ni gbogbo wa ń san, ₦1 lórí ₦100 lóṣooṣù, lórí ojú owó tí a kọ́kọ́ gbà. Àkókò ló yàtọ̀. Ẹni tó bá fàmì sí ọjà á fi oṣù 18 san tirẹ̀. Ẹni tó bá fàmì sí ìnáwó, oṣù 6 péré. Owó ilé-ìwé sì wà lábẹ́ ìnáwó, òun pẹ̀lú ìsìnkú, ìkómọ, aṣọ ẹbí àti àgbò Iléyá.

Ìyá kan wà nínú wa tó ń ta léèsì lápá Bálógun, Ṣómólú ni ilé rẹ̀. Ó béèrè ₦300,000 kí ọmọbìnrin rẹ̀ lè ṣe ọdún tó kẹ́yìn ní girama. Ohun tó jẹ́ òótọ́ ló kọ sínú fọ́ọ̀mù. Ẹ ní oṣù 6 ni. Ó ṣírò ó, ó rí i pé ₦53,000 ni òun á máa san lóṣooṣù nínú èrè tí kò ju ₦100,000 lọ, tí wọ́n sì tún ń jẹun nínú rẹ̀. Ó dá fọ́ọ̀mù padà. Wọ́n ti bá ọmọ náà wá ibì kan báyìí tí yóò ti máa bá wọn tajà, ₦40,000 lóṣù, tí ilé-ìwé bá wọlé lóṣù kẹsàn-án tí owó kò sì tíì sí.

Ẹ sì mọ̀ pé èmi ni mo máa ń bá ẹgbẹ́ yẹ ìwé owó wò. Àwọn léèsì àti ańkárá kan wà tí wọ́n kọ sí fọ́ọ̀mù pé àwọn fẹ́ rà lóṣù kẹsàn-án, tí ẹyọ kan kò dé ṣọ́ọ̀bù nínú wọn. Ilé-ìwé ni owó náà gbà lọ. (Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ fọkàn balẹ̀.) Ẹni tó purọ́ gba oṣù 18, ẹni tó sòótọ́ gba oṣù 6. Òfin tó bá ń ṣe báyìí, àtúnṣe ló yẹ kí a wá sí i.

Kí n tó fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀ wá ta bọ́tìnnì àti òwú ní Ìdúmọ̀tà, ẹ̀kọ́ ètò ọrọ̀ ajé ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Yábàá. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n gba ibẹ̀ wọ ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀. Ìnáwó àti ìdókòwò, méjèèjì ló ń mú owó jáde lápò. Ohun tó ń ṣẹ́kù lẹ́yìn owó ló yà wọ́n. Ìrẹsì ìkómọ tán lálẹ́ ọjọ́ náà, ìdùnnú rẹ̀ ló kù, ìdùnnú kì í sì í san owó padà. Bí owó bá jáde lónìí tí nǹkan kan sì kù nílẹ̀ tí yóò máa mú owó wọlé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdókòwò nìyẹn, ìbáà jẹ́ ilé, ìbáà jẹ́ ẹ̀rọ, ìbáà jẹ́ ohun tó wà lórí ọmọ ènìyàn àti lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Theodore Schultz ló dúró níwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní 1960, tó ní ìmọ̀ àti ìlera tí ènìyàn fi owó àti àkókò rà jẹ́ okòwò bíi ti ẹ̀rọ àti ilé. Gary Becker gbé ìṣirò rẹ̀ kalẹ̀ kíníkíní ní 1964. Inú bí àwọn kan nígbà náà, wọ́n ní wọ́n ń fi ènìyàn wé ẹrú tàbí ẹ̀rọ. Àmọ́ Schultz gba ẹ̀bùn Nobẹ́ẹ̀lì ní 1979, Becker gba tirẹ̀ ní 1992, ariwo sì rọlẹ̀.

Àwa fúnra wa ò dúró de Amẹ́ríkà ká tó mọ èyí. Ẹ wo bí a ṣe ń kọ́ṣẹ́. Ọmọ iṣẹ́ télọ̀ á gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, á lọ gba oúnjẹ ọ̀gá wá, á máa gbá ẹ̀yìn aṣọ, á máa lẹ bọ́tìnnì, ọdún 3 láìgba owó oṣù. Ìyá rẹ̀ tún san owó wíwọlé, á sì tún ra ọtí àti bisikíìtì lọ́jọ́ tó bá gba fíríìdọ̀m. Kí ló dé tó jẹ́ ọmọ iṣẹ́ ló ń sanwó, tí kì í ṣe ọ̀gá? Torí pé iṣẹ́ ìránṣọ tó kọ́ wúlò ní ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì bó ṣe wúlò ní ti ọ̀gá rẹ̀. Ọjọ́ tó bá gba fíríìdọ̀m, ó di ìmọ̀ náà lọ. Ọ̀gá tó bá san owó ìmọ̀ náà lápò ara rẹ̀ kò ní rí i gbà padà. Becker ṣàlàyé gbogbo èyí nínú ìwé rẹ̀, àmọ́ ìyá Ìsàlẹ̀ Èkó kankan kò nílò ìwé kó tó mọ̀ ọ́n.

Ẹgbẹ́ wa sì ń yá ènìyàn lówó ìkọ́ṣẹ́! Abẹ́ ohun èlò iṣẹ́ la ń kọ ọ́ sí, òun àti ẹ̀rọ ìránṣọ, oṣù 18. Ọmọ kan ń kọ́ ìránṣọ, òmíràn ń kọ́ ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀kan gba oṣù 18, ìkejì gba oṣù 6. Nígbà tí mo béèrè ìdí, Màmá Akápò nìkan ló dáhùn tààràtà. Wọ́n ní, “Tí télọ̀ ò bá san, ẹ̀rọ ṣeé gbé. Orí ọmọ ò ṣeé gbé.”

Ìdí gan-an nìyẹn, mo sì dúpẹ́ pé wọ́n sọ ọ́. Kì í ṣe pé ilé-ìwé kì í mú èrè wá. Ohun tó ń já yín láyà ni pé tí ẹni tó yáwó bá sá, kò sí ohun tí ẹgbẹ́ lè tì mọ́lé. Láyé àtijọ́, àwọn baba wa ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣe é: wọ́n á fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà. Ọmọ á máa sin olówó títí ojú owó yóò fi padà, iṣẹ́ tó ń ṣe sì ni èlé. A ti pa ìyẹn rẹ́, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kó padà wá. Àmọ́ látọjọ́ tí ènìyàn kò ti ṣeé fi dógò mọ́ ni olówó ti ń sá fún ẹ̀yáwó tí èrè rẹ̀ wà lára ènìyàn. Báńkì tí yóò yá yín lówó lórí ọkọ̀ akẹ́rù kò ní yá yín lórí ọdún tó kù kí ọmọ parí girama, bí èrè méjèèjì tilẹ̀ dọ́gba. Àlàfo yìí ló jẹ́ kí owó ilé-ìwé máa já lé ẹbí, ìjọba àti irú ẹgbẹ́ tiwa yìí léjìká.

Ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ ní 2024. Kò ní èlé. Ẹ wo bí wọ́n ṣe gba ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ìdógò: ẹni tó yáwó kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í san án àfi lẹ́yìn ọdún 2 tó ti parí iṣẹ́ agùnbánirọ̀, wọ́n á sì máa yọ ₦10 nínú ₦100 lára owó oṣù rẹ̀. Owó oṣù náà ni wọ́n dì mú, kì í ṣe ọmọ. Àmọ́ àwọn tó wà nílé-ẹ̀kọ́ gíga àti ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ni owó náà wà fún. Ọmọ girama kò sí nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò tìyá aláṣọ yìí. Ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ ń gba ₦70,000 ní táàmù kan, ìyẹn ₦210,000 fún táàmù mẹ́ta. Ìwé, lẹ́sìnnì àti owó ìdánwò Wáẹ̀kì jẹ́ ₦90,000. Ó di ₦300,000. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á béèrè ìdí tí ọmọ náà kò fi sí ilé-ìwé ìjọba, nígbà tí girama ti jẹ́ ọ̀fẹ́ ní Èkó látìgbà Jákáńdè ní 1979. Ó ṣeé béèrè. Àmọ́ pípààrọ̀ ilé-ìwé ní kíláàsì àṣekágbá kò rọrùn, torí ilé-ìwé tí ọmọ wà ló ń fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ fún ìdánwò, ibẹ̀ sì ni máàkì rẹ̀ ti ọdún tó ti kọjá wà.

₦300,000 ni risíìtì máa gbé jáde, àmọ́ kì í ṣe òun ni gbogbo owó. Ọmọ tó bá jókòó sí kíláàsì láti oṣù kẹsàn-án títí di oṣù kẹfà kò sí ní ṣọ́ọ̀bù. ₦40,000 lóṣù fún oṣù 10 jẹ́ ₦400,000, owó tí ilé náà ì bá rí tí wọn kò rí. Ẹ wò ó, ó ju owó ilé-ìwé fúnra rẹ̀ lọ. Schultz rọ̀ mọ́ ibí yìí gan-an: ó ní ẹni tí kò bá ka owó tí akẹ́kọ̀ọ́ pàdánù kò tíì ka iye tí ẹ̀kọ́ ń náni. Òun náà ló ń jẹ́ kí àwọn ọmọ kan má lọ sílé-ìwé ọ̀fẹ́. Ìjọba lè fagi lé owó táàmù, kò lè san owó tí ọmọ ì bá máa mú wálé láti ọjà. Ẹ fi èlé ẹgbẹ́ wa fún oṣù 18 lé e, ìyẹn ₦54,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦754,000.

Kí ni yóò mú wá? Ṣọ́ọ̀bù tó ń san ₦40,000 fún ọmọ tí kò ní ìwé ẹ̀rí, ẹ jẹ́ ká ní ó máa san ₦55,000 fún ẹni tó ní Wáẹ̀kì, tó lè ka ọjà sínú kọ̀ǹpútà kó sì kọ lẹ́tà sí oníbàárà. Àfikún ₦15,000 lóṣù, ₦180,000 lọ́dún. Ẹ pín in sórí ₦754,000: ₦24 lórí ₦100 ni, lọ́dọọdún, fún gbogbo ọdún tó bá fi ṣiṣẹ́. Owó òní ni mo fi ṣírò gbogbo rẹ̀. Tí ọjà bá wọ́n sí i lọ́dún tó ń bọ̀, owó oṣù méjèèjì á gbéra, àlàfo tó wà láàárín wọn náà á gbéra, nítorí náà ọ̀wọ́ngógó kò ba ìṣirò náà jẹ́.

Àmọ́ ẹni tó jókòó ìdánwò lè má yege. Ní 2024, àwọn tó gba kírẹ́díìtì márùn-ún pẹ̀lú ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 72.12 nínú 100 ní Nàìjíríà. Ní 2025, lẹ́yìn tí wọ́n tún èsì náà ṣe, 62.96 ni. Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó kéré, ká pè é ní 63, ká sì ní ẹni tí kò bá yege kò ní rí kọ́bọ̀ lé ₦40,000 rẹ̀. Àfikún ₦180,000 náà á wálẹ̀ sí ₦113,400 lọ́dún, èrè rẹ̀ á sì di ₦15 lórí ₦100. Lọ́dún kẹfà sí ìkeje iṣẹ́ rẹ̀, gbogbo owó náà ti padà wálé. Lẹ́yìn ìyẹn, èrè ni ìyókù.

Ẹ fi iye tiyín rọ́pò tèmi, ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní bínú. Tó bá jẹ́ ₦8,000 péré ni Wáẹ̀kì fi ń lé owó oṣù lágbègbè yín, èrè náà á já sí ₦8 lórí ₦100, mo sì gbà pé kò dára tó.

Bàbá Oníléèsì ti ń rẹ́rìn-ín níbi tó jókòó sí, mo mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Wọ́n ní, “₦15 lọ́dún? Léèsì mi ń pa jù bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta!” Ó jọ òótọ́. Ẹ jẹ́ ká fi ṣọ́ọ̀bù ìyá yìí kan náà wò ó. Ọjà tó wà nínú rẹ̀ tó ₦2,000,000. Èrè orí aṣọ jẹ́ ₦150,000 lóṣù. Owó ṣọ́ọ̀bù, ọkọ̀, alábàárù àti owó ọjà gba ₦50,000 nínú rẹ̀. Ó ku ₦100,000, ìyẹn ₦1,200,000 lọ́dún, ₦60 lórí ₦100. Ta ni yóò wá fi owó sílé-ìwé?

Àmọ́ ta ló jókòó sí ṣọ́ọ̀bù láti aago mẹ́jọ títí di ìrọ̀lẹ́? Ta ló ń tú léèsì ká, tó ń dúnàádúrà, tó ń mọ ẹni tí òun lè tajà àwìn fún? Tí ìyá náà bá ní kí ẹlòmíì wá ṣe é, kò ní rí i fún iye tó dín ní ₦70,000 lóṣù, tí í ṣe owó oṣù tó kéré jù tí òfin Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 2024. Owó òógùn ojú ìyá náà ni ₦70,000 yẹn, kì í ṣe èrè owó tó wà nínú aṣọ. Ohun tí ₦2,000,000 fúnra rẹ̀ pa ni ₦30,000 tó kù lóṣù, ₦360,000 lọ́dún. ₦18 lórí ₦100.

Ṣé ẹ ti rí i? Nínú ìṣirò ti ọmọ, mo ti yọ owó iṣẹ́ tí ọmọ ì bá ṣe kúrò kí n tó pín èrè. Nínú ti léèsì, a kì í yọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí ọjà fi máa ń dà bíi pé ó fi ilé-ìwé sílẹ̀ jìnnà. Tí a bá wọn àwọn méjèèjì bákan náà, ₦18 ni léèsì, ilé-ìwé wà láàárín ₦15 sí ₦24. Wọn kò jìnnà síra wọn. Bẹ́ẹ̀ ìdì léèsì kejì kì í tètè tà bí àkọ́kọ́, torí àwọn oníbàárà kan náà ló ń rà á. Ewu wọn náà kò sì dọ́gba. Àwọn tí iná Bálógun ti oṣù kọkànlá 2019 ká ọjà wọn mọ́ lè sọ ohun tí mò ń wí. Lódì kejì, ọjà ṣeé tà fún ẹlòmíì nígbà ìṣòro, ó ṣeé fi sílẹ̀ fún ọmọ. Ìmọ̀ kò ṣeé tà kúrò lára, ọjọ́ tí olówó rẹ̀ bá kú ló tán. Mo gbà pé ewu tirẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìwé iṣẹ́ àwọn onímọ̀ lè fi ohun kan dá mi lóhùn. Káàkiri ayé, ọdún ẹ̀kọ́ kan máa ń fi nǹkan bíi 9 nínú 100 kún owó tí ènìyàn ń gbà. Àmọ́ nígbà tí Ruth Uwaifo Oyelere yẹ ti Nàìjíríà wò, 2.8 ló rí fún 1997 sí 1998. Kò sì fojú lásán wò ó. Ìṣòro irú ìṣirò yìí ni pé ọmọ tó pẹ́ nílé-ìwé lè jẹ́ ọmọ tí orí rẹ̀ pé látilẹ̀ tàbí tí bàbá rẹ̀ lẹ́nu níbi iṣẹ́, kí ènìyàn wá ro pé ilé-ìwé ló fún un lówó. Ó gba ẹ̀yìn èyí nípa wíwo ìgbà tí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó dáwọ́ dúró ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan, irú èyí tí Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn lóṣù kìíní 1955. Ọmọ kò yan ọdún tí wọ́n bí i, nítorí náà ẹni tí ọ̀fẹ́ bá àti ẹni tí kò bá ṣeé fi wéra. Ní Indonéṣíà, Esther Duflo lo irú ọgbọ́n kan náà lórí ilé-ìwé tó lé ní 61,000 tí ìjọba wọn kọ́ láàárín 1973 sí 1978, èrè tó rí sì wà láàárín 6.8 sí 10.6 fún ọdún ẹ̀kọ́ kan.

Mi ò ní fara pamọ́ fún 2.8 yẹn. Ó sọ fún wa pé ìwé nìkan kò dá owó, àfi tí iṣẹ́ tó ń lo ìwé bá wà nílùú. Àmọ́ ìpíndọ́gba gbogbo ọdún ẹ̀kọ́ ni, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ sókè, ọdún kọ̀ọ̀kan kò sì níye lórí bákan náà. Ẹni tó fi girama sílẹ̀ lọ́dún kẹrin àti ẹni tó fi í sílẹ̀ lọ́dún karùn-ún, owó kan náà ni Bálógun ń san fún wọn. Ọdún karùn-ún yẹn kò fi nǹkan kan kún un. Ọdún kẹfà ló ń gbé ìwé ẹ̀rí wá, ibẹ̀ sì ni owó ti ń fò. Tí ìyá kan bá ń béèrè owó fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà láti ìbẹ̀rẹ̀, ìṣirò rẹ̀ á yàtọ̀ sí èyí, á sì kéré sí i. Ìyá tiwa yìí ti san ọdún 5. Owó yẹn ti lọ, mi ò kà á mọ́ ohun tó ń ná an, torí kò sí bó ṣe lè gbà á padà. Ọdún kan péré ló kù láti rà, òun sì ni ọdún tó ń mówó wá jù. Ẹ wá dúró síbẹ̀ gan-an, ẹ ní oṣù 6.

Àwọn kan ní ṣebí ìwé pélébé ni agbanisíṣẹ́ ń sanwó fún, kì í ṣe ohun tí ọmọ mọ̀. Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn láàárín àwọn onímọ̀ láti 1973 tí Michael Spence ti gbé e jáde. Ó yẹ kó ká ìjọba lára, torí ìjọba tó bá ń náwó lórí ìwé tí kò mú ẹnikẹ́ni mọ iṣẹ́ ṣe sí i, òfo ló ń tà. Olówó tó yá ìyá ọmọ ní ₦300,000 kò ní ìṣòro yẹn. Ìmọ̀ ni o, ìwé ni o, owó oṣù tó lé sí i ni yóò rí.

Níbi tó ti lè ká wa lára ni ilé-ìwé tó ń fi màgòmágó gba máàkì fún àwọn ọmọ. Oníṣọ́ọ̀bù Ìdúmọ̀tà kì í ṣe ọ̀dẹ̀. Á gbé ìwé Wáẹ̀kì rẹ wò tán, á tún fún ọ ní bébà kan pé kó o ṣírò èrè orí yáàdì 17 fún òun. Ọmọ tí kò bá lè ṣe é, ₦40,000 náà ni. Nítorí náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun méjì lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ owó ilé-ìwé: èsì ọmọ ní ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì fún táàmù méjì tó kọjá, àti bóyá ilé-ìwé náà ní ìyọ̀ǹda ìjọba tó sì ní nọ́ńbà ibùdó ìdánwò tirẹ̀. Àwọn ilé-ìwé kéékèèké tí kò ní i máa ń kó ọmọ wọn lọ sílé-ìwé ẹlòmíì lọ́jọ́ ìdánwò, owó tí ìyá san á sì fẹ̀ ju èyí tí wọ́n sọ fún un. Ọmọ tí èsì táàmù méjèèjì rẹ̀ burú kò ní ìrètí 63 tí mo lò yẹn. Ẹ lè sọ fún ìyá rẹ̀ láìtijú pé kó kọ́kọ́ wá lẹ́sìnnì fún un, tàbí kó lọ kọ́ṣẹ́. Ìkọ́ṣẹ́ náà jẹ́ ìdókòwò.

Ohun tí mò ń fẹ́ kò pọ̀. Ẹ yọ owó ilé-ìwé kúrò lábẹ́ ìnáwó, ẹ gbé e sábẹ́ ohun èlò iṣẹ́ níbi tí owó ìkọ́ṣẹ́ wà, kó di oṣù 18. Ìyá aláṣọ yìí á máa san nǹkan bíi ₦19,700 lóṣooṣù dípò ₦53,000, èrè ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì lè gbé e. Láti inú léèsì ni yóò ti san án, a kò ní dúró de owó oṣù ọmọ. Ẹgbẹ́ kò ní pàdánù: ₦300,000 tó lọ fún oṣù 18 á mú ₦54,000 wá, bí owó kan náà bá sì yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, ₦54,000 náà ni. Ohun tó kàn lè dùn wá ni pé owó á pẹ́ níta, nítorí náà ẹ fi gbèdéke sí iye tí a lè yá lọ́nà yìí lọ́dún kan.

Ní ti ohun tí Màmá Akápò sọ, pé orí ọmọ ò ṣeé gbé, òótọ́ ni, àmọ́ onídùúró méjì tí owó ìfipamọ́ wọn wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ṣeé mú. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe fún ọjà àwìn. Ẹ sì má kó owó náà fún ẹnikẹ́ni lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ san án fún ilé-ìwé ní táàmù kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó yá a mú risíìtì wá kó tó gba ti táàmù kejì. Tí ọmọ bá fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní oṣù kejìlá, ìdá kan nínú mẹ́ta ni yóò jáde, ìyókù ṣì wà lápótí. Ìgbà yẹn náà ni èmi tí mò ń yẹ ìwé wò á mọ ohun tí owó ẹgbẹ́ ń ṣe lóòótọ́, dípò kí n máa wá léèsì tí kò sí níbì kankan.

Ìpàdé oṣù kẹjọ ló kàn. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá wà lórí ètò ọjọ́ náà, a lè dìbò lé e lórí kí ilé-ìwé tó wọlé. Mo ti bá ìyá náà sọ̀rọ̀. Ó ní òun kò tíì fún oníṣọ́ọ̀bù yẹn lésì, àmọ́ wọn ò ní dúró de òun kọjá òpin oṣù kẹjọ.

Èmi ni tiyín nínú ẹgbẹ́,
Oníbọ́tìnnì tó ń bá yín yẹ ìwé owó wò